Kọ́kọ́rọ́ AWS mi ti bá kọ́míìtì lọ sí GitHub: báwo ni mo ṣe lè pa kọ́míìtì náà rẹ́?

Táíwò_Kóòdù

Ẹ̀yin àgbà ibí, mo kí yín o. Lálẹ́ àná ni mo ti iṣẹ́ mi sókè sí GitHub, fáìlì `.env` sì bá a lọ. Inú fáìlì náà ni kọ́kọ́rọ́ AWS wà, èyí tí áàpù ilé-ìwé kan tí mò ń bójú tó fi ń kó àwòrán àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ sínú S3. Gbangba ni ibi ìpamọ́ kóòdù náà wà. Mo ti yọ fáìlì náà, mo sì ti fi kọ́míìtì mìíràn lé e, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìtàn iṣẹ́ náà ṣì ń rí i. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè pa kọ́míìtì yẹn rẹ́ pátápátá?

Jagun_Ìbàdàn

Èyí kò le rárá. Kọ́míìtì méjì ló wà lókè, èyí tó gbé fáìlì náà wọlé àti èyí tí o fi yọ ọ́, nítorí náà dá ẹ̀ka rẹ padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, kí o sì fipá tì í sókè:

```
git reset --hard HEAD~2
git push --force
```

Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ síbòmíràn o, torí `--hard` kì í wojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, yí ibi ìpamọ́ náà sí ìkọ̀kọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí kò bá ti sí nínú ìtàn mọ́, kò sí ẹni tó máa rí i.

Bàbá_Ìbejì

Ṣé kì í ṣe `.gitignore` ni ẹ gbàgbé? Ẹ kọ `.env` sínú rẹ̀, Git kò ní fojú kan fáìlì náà mọ́. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì tán.

Táíwò_Kóòdù

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ọ́ sínú `.gitignore`, mo sì ti ṣe ohun tí Ẹ̀gbọ́n Jagun wí, àfi ti ìkọ̀kọ̀ yẹn tí n kò tíì ṣe. Lójú-ìwé ìtàn, kọ́míìtì náà kò sí mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi, nígbà tí mo sì fi ṣí i nínú bíráósà tí n kò fi orúkọ mi wọlé sí, ó ṣí gbàgà. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni ìlà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi kún un lókè, tó ń sọ pé kọ́míìtì yìí kò sí lórí ẹ̀ka kankan níbẹ̀. Lábẹ́ ìlà náà, kọ́kọ́rọ́ mi hàn ketekete, láti `AKIA` títí dé òpin. Kí ló kù tí mo lè ṣe?

Ìyá_Sáfà

Táíwò, fi ọ̀rọ̀ ìtàn sílẹ̀ ná. Ṣé kọ́kọ́rọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́? Nínú gbogbo ohun tí o kọ, n kò rí ibi tí o ti sọ pé o ti pa á. Bí o kò bá tíì pa á, lọ ṣe èyí kí o tó ka ìyókù:

```
aws iam update-access-key --user-name aapu-ileewe \
  --access-key-id AKIA... --status Inactive
```

Ohun tí o rí lórí fóònù rẹ kì í ṣe àṣìṣe GitHub. Ẹ̀ka nínú Git kò ju orúkọ kan tó ń tọ́ka sí kọ́míìtì kan lọ. Nígbà tí o fipá tì í, orúkọ yẹn ni o ṣí kúrò lórí kọ́míìtì kan lọ sórí òmíràn; èyí tí o ṣí i kúrò lórí rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, ẹni tó bá sì mọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ lè pè é jáde. Kò tilẹ̀ nílò gbogbo àmì 40 tó wà nínú nọ́ńbà náà, nítorí pé GitHub ń gba gígékúrú rẹ̀, tó lè kéré tó àmì mẹ́rin, ẹ̀rọ sì lè máa dán àmì mẹ́rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá a. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe fọ́ọ̀kì iṣẹ́ rẹ, inú àpò kan náà ni GitHub ń kó ti gbogbo yín sí, nítorí náà ohun tí o bá pa lọ́dọ̀ rẹ ṣì ṣeé ṣí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kọ́míìtì náà bá sì ti wọ inú ìbéèrè ìdàpọ̀ kan rí, GitHub ní orúkọ tirẹ̀ tó fi dì í mú, tí ìwọ kò sì láṣẹ láti fọwọ́ kàn án.

Títì tí o fipá tì í yẹn náà fi ipasẹ̀ sílẹ̀. GitHub ń kéde gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, ìkéde títìsókè sì máa ń gbé nọ́ńbà kọ́míìtì tí ẹ̀ka náà wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dání. GH Archive ti ń kó ìkéde wọ̀nyí pamọ́ láti ọdún 2011, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí àwọn ènìyàn gbìyànjú láti fi pamọ́ kò ní wá a káàkiri. Yóò kàn ṣa àwọn títìsókè tí kò gbé kọ́míìtì tuntun kankan wá, tó jẹ́ pé ẹ̀ka ni wọ́n dá padà sẹ́yìn. Irú èyí tí o ṣe gan-an nìyẹn.

Ní ti àkókò, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì North Carolina State gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2019. Irinṣẹ́ ìṣàwárí tí GitHub fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni wọ́n lò, wọ́n sì ń rí kọ́kọ́rọ́ tuntun láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tì í sókè. Tìrẹ ti sùn síta mọ́jú. Máa kà á sí ohun tí ẹlòmíràn ti ní lọ́wọ́.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, `.gitignore` kì í kan fáìlì tí Git ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú èyí tó ti jáde. Bí ẹ bá fi bẹ́ẹ̀ parí tiyín, ẹ padà lọ wò ó.

Jagun_Ìbàdàn

Mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa kọ́míìtì tó ṣì wà níbẹ̀, Ìyá Sáfà. N kò mọ̀ pé wọ́n ń kéde títìsókè tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò tí ẹ gbé kalẹ̀. Ó ní áàpù tí àwọn òbí ń lò. Bí ó bá pa kọ́kọ́rọ́ láìtíì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, áàpù náà kú lójú ẹsẹ̀. Ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ ṣe tuntun, kó gbé e sórí sáfà, kó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kó tó pa ti àtijọ́?

Ìyá_Sáfà

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí kò bá sí ewu, ìdí rẹ̀ sì ni AWS ṣe jẹ́ kí orúkọ aṣàmúlò kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. A ó ṣe èkejì, a ó gbé e sórí sáfà, a ó sì wo ìgbà tí wọ́n lo ti àkọ́kọ́ kẹ́yìn:

```
aws iam create-access-key --user-name aapu-ileewe
aws iam get-access-key-last-used --access-key-id AKIA...
```

Nígbà tí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, a ó sọ ọ́ di `Inactive`. Tí ọjọ́ bíi mélòó kan bá kọjá láìsí ẹni tó figbe ta, a ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ti Táíwò ti wà ní gbangba mọ́jú. Ká ní ilé ìwòsàn ló ń lo áàpù náà ni, ǹ bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èsì ìdánwò tí kò ṣí fún ìdajì wákàtí kò tó ohun tí ènìyàn ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ olè fún. `Inactive` náà ṣeé yí padà bí nǹkan bá dàrú, ìdí tí mo fi ní kó lo òun dípò pípa rẹ́ nìyẹn.

Táíwò, o kò tíì sọ ohun mìíràn tó wà nínú `.env` yẹn. Kì í sábà jẹ́ ohun kan ṣoṣo.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa níbi iṣẹ́ níhìn-ín, torí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ yìí kò rọrùn tó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kan tó wọ inú ibi ìpamọ́ wa, ìkọ̀kọ̀ sì ni ibẹ̀, kò sí ẹni òde tó lè dé e. Oríṣiríṣi ètò ló ń lo kọ́kọ́rọ́ náà, àwọn tó kọ òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. A tún ìtàn kọ, a ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà wọn lákọ̀tun, a sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Irú kọ́kọ́rọ́ mìíràn tún wà tí a fi ń ti dátà pa kó má ṣeé kà. Bí ẹ bá pààrọ̀ òun, ta ni yóò ka dátà tí a ti fi ti àtijọ́ tì?

Ìyá_Sáfà

Ọ̀rọ̀ méjì lẹ pa pọ̀, ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti ìkọ̀kọ̀: ní ọdún 2016, inú ibi ìpamọ́ ìkọ̀kọ̀ Uber lórí GitHub ni àwọn ọ̀daràn ti rí kọ́kọ́rọ́ AWS tí wọ́n fi kó dátà nípa àwọn èrò ọkọ̀ àti awakọ̀ mílíọ̀nù 57. Ìkọ̀kọ̀ kò ju iye àwọn tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà síbẹ̀ lọ, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti da kóòdù náà sí. Àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ṣé wọ́n nu kọ̀ǹpútà wọn?

Ní ti ìnira: ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2023, GitHub kéde pé kọ́kọ́rọ́ RSA tí sáfà òun fi ń fi ara rẹ̀ hàn fún àwọn tó ń gba SSH wọlé ti hàn fún ìgbà díẹ̀ nínú ibi ìpamọ́ gbangba kan. Àwọn ló ni GitHub. Kò sí igun kan nínú ilé wọn tí wọn kò lè dé láti pa kọ́míìtì rẹ́, wọ́n sì sọ pé àwọn kò rí ìdí láti gbà pé ẹnikẹ́ni ti fi ṣe ibi. Síbẹ̀ wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, àìmọye kọ̀ǹpútà kárí ayé ló ń ké `WARNING: REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED!` mọ́ àwọn tó ń lò wọ́n, tí iṣẹ́ sì dúró títí wọ́n fi ṣe `ssh-keygen -R github.com`, tí wọ́n sì gba tuntun. Bí ẹni tó ni ilé kò bá gbẹ́kẹ̀ lé pípa tí ó pa á rẹ́ lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀, n kò rí bí àwa ayálégbé ṣe fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ti kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń ti dátà pa, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ lè fi tuntun kọ ohun tó bá ń bọ̀, kí ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún kíkà nìkan, kí ẹ sì máa fi tuntun tún ti àtijọ́ tì díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní ẹ̀dà dátà àtijọ́ lọ́wọ́ yóò ṣì lè ṣí i, kò sí pípààrọ̀ tó lè gba ìyẹn padà. Níbẹ̀, mo gbà pé títètè pa kọ́míìtì rẹ́ níye lórí ju bó ṣe níye lórí fún Táíwò lọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Lọ́ńdọ̀nù

Mo gbọ́ ti GitHub. Ṣùgbọ́n àwọn ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀, àwa kò ní. N kò tíì gbà pé ó tọ́ kí ilé-iṣẹ́ kékeré dá gbogbo nǹkan dúró nítorí ohun tó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì rí.

Táíwò_Kóòdù

Mo ti padà dé. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ti di `Inactive`, tuntun ti wà lórí sáfà, áàpù náà sì ti ń gba àwòrán. Nínú `.env` yẹn, ọ̀rọ̀ aṣínà ibùdó dátà wà níbẹ̀, orúkọ àpò S3 wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá wa gba owó ilé-ìwé náà sì wà níbẹ̀. Ìyá mi, n kò ro tiwọn rárá kí ẹ tó bèèrè. Mo ti pààrọ̀ gbogbo wọn.

Nǹkan méjì ló ń dààmú mi. Àkọ́kọ́, láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ AWS ni àwọn òbí ti ń pè pé líǹkì èsì tí a fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́sẹ̀ yìí kò ṣí mọ́. Èkejì, mo wo àkọsílẹ̀ CloudTrail lágbègbè Ireland tí àpò wa wà, n kò rí nǹkan kan. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Ìyá_Sáfà

Líǹkì wọ̀nyẹn, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni áàpù rẹ fi buwọ́ lù wọ́n, nítorí náà wọ́n bá a kú. Ṣe tuntun ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Líǹkì yòówù tí ẹlòmíràn bá ti fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe ti kú pẹ̀lú tiwọn.

Má tíì fọkàn balẹ̀. Àkọsílẹ̀ CloudTrail máa ń wà ní agbègbè-agbègbè, ohun tó bá sì kan IAM kì í hàn ní Ireland, `us-east-1` ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wò ó níbẹ̀:

```
aws cloudtrail lookup-events --region us-east-1 \
  --lookup-attributes AttributeKey=AccessKeyId,AttributeValue=AKIA...
```

Kí o sì wo kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ ìgbowó yẹn dáadáa. Àwọn kan máa ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan náà buwọ́ lu ìsọfúnni tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí sáfà rẹ nígbà tí ẹnìkan bá sanwó. Bí sáfà rẹ bá ṣì ń fi ti àtijọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, owó yóò máa wọlé, áàpù yóò sì máa sọ pé òbí kò tíì san.

Táíwò_Kóòdù

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí mo ti iṣẹ́ sókè tí `GetCallerIdentity` kan ti wọlé láti àdírẹ́sì IP tí n kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni `ListUsers`, lẹ́yìn náà `CreateUser`. AWS dáhùn `AccessDenied` sí méjèèjì, nítorí pé kíkà àti kíkọ sínú àpò yẹn nìkan ni mo fún kọ́kọ́rọ́ náà láṣẹ. Mo tún rí òfin àṣẹ kan lára aṣàmúlò náà tí èmi kò fi síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `AWSCompromisedKeyQuarantine`, ímeèlì AWS sì ti wà nínú àpótí mi láti òru, tí n kò ṣí i.

Bàbá_Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan kò yé mi. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé mo fẹ́ ti irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sókè, GitHub sì kọ̀ jálẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Báwo ni tiyín ṣe kọjá?

Táíwò_Kóòdù

Ó dá mi dúró, Bàbá. Ó fún mi ní líǹkì kan pé kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ kọjá, mo sì yan èyí tó sọ pé màá tún un ṣe tó bá yá. Ilẹ̀ ti ṣú, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà jáde.

Ìyá_Sáfà

Àwọn tó ń wá kọ́kọ́rọ́ kì í dúró de tó bá yá.

Ẹni tó lo `GetCallerIdentity` yẹn kàn ń bèèrè pé kọ́kọ́rọ́ ta ni èyí ni. Ìbéèrè yẹn kò nílò àṣẹ kankan, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbìyànjú láti dá aṣàmúlò tirẹ̀ sílẹ̀, kó lè wà nínú ilé nígbà tí o bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ká ní àṣẹ gbogbogbò ni o fún kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí. Omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Òfin àṣẹ tí AWS fi síbẹ̀ ń dí àwọn ohun tó léwu jù, bíi dídá aṣàmúlò àti títan ẹ̀rọ tuntun, ṣùgbọ́n kì í pa kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà má ṣe rò pé wọ́n ti bá ọ ṣe é. Wo àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i fún `GetSessionToken` tàbí `GetFederationToken` tó yọrí sí rere. Bí o bá rí i, ẹni náà ti gba ìwé àṣẹ onígbà-díẹ̀, èyí tó ṣeé ṣe kó máa ṣiṣẹ́ lọ títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ tó fi gbà á ti kú. Nígbà náà, o ní láti fi òfin tó kọ ohun gbogbo lé aṣàmúlò náà lórí, tàbí kí o pa aṣàmúlò náà rẹ́.

Ohun tí àkọsílẹ̀ yẹn kò lè sọ fún ọ ni bóyá ó ka àwọn fáìlì inú àpò. CloudTrail kì í kọ kíkà fáìlì S3 sílẹ̀ àfi bí o bá ti ní kó máa kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Orúkọ àpò sì wà nínú `.env` kan náà. O lè wo ìwé owó S3 rẹ bóyá dátà tó jáde lóru àná ju ti ìyókù lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fáìlì díẹ̀ ló kó, kò ní hàn.

Amòfin_Ẹ̀gbá

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí nìyẹn. Àwòrán àti èsì àwọn ọmọdé ni ẹ ń sọ. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé bí ìjáde dátà bá lè fi ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn sínú ewu, ẹni tó ni àkóso dátà náà gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà létí láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀. Ilé-ìwé ló ni àkóso, Táíwò, kì í ṣe ìwọ, nítorí náà sọ fún wọn lónìí kí àwọn lè pinnu. Aago ti ń lọ.

Jagun_Ìbàdàn

Amòfin, kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ka fáìlì kankan. Ṣé ẹ fẹ́ kí ilé-ìwé lọ da ìjayà sílẹ̀ láàárín àwọn òbí nítorí ohun tí kò dájú?

Amòfin_Ẹ̀gbá

Sísọ fún Àjọ yàtọ̀ sí sísọ fún òbí, ewu ńlá ni òfin fi kejì sí. Àìsí ẹ̀rí tún yàtọ̀ sí ẹ̀rí pé kò ṣẹlẹ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé a kò tan àkọsílẹ̀ tó yẹ kó mú ẹ̀rí wá. Àwọn amòfin mìíràn lè rí i bí ẹ ṣe rí i. Èmi kò ní gba ilé-ìwé nímọ̀ràn láti dákẹ́.

Táíwò_Kóòdù

Mo ti wò ó, kò sí `GetSessionToken`, kò sí `GetFederationToken`. Mo ti pe ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n ní kí n wá ní ọ̀la. Ní báyìí tí kọ́kọ́rọ́ ti kú, ṣé mo ṣì nílò láti pa kọ́míìtì yẹn rẹ́?

Ìyá_Sáfà

O lè fi sílẹ̀, kò sì ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Èmi yóò pa á, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń wá kọ́kọ́rọ́ yóò máa yọ ẹ́ lẹ́nu nípa rẹ̀ títí, àti nítorí pé orúkọ ibùdó dátà rẹ àti àwọn ohun mìíràn nípa sáfà rẹ wà nínú fáìlì náà. Da iṣẹ́ náà sí àyè tuntun, má ṣe é nínú èyí tí o ń lò:

```
git clone https://github.com/ORUKO/aapu.git mimo
cd mimo
git filter-repo --invert-paths --path .env
git log --all --full-history -- .env
git remote add origin https://github.com/ORUKO/aapu.git
git push --force --all
git push --force --tags
```

`filter-repo` máa ń yọ `origin` kúrò fúnra rẹ̀ kí ẹni tó ń kánjú má baà tì í sókè láìronú, ìdí nìyẹn tí o fi ní láti dá a padà. Bí `git log` yẹn bá mú ohunkóhun jáde, fáìlì náà ṣì wà níbì kan.

Kọ́míìtì tí o ń rí lórí fóònù rẹ yóò ṣì máa ṣí lẹ́yìn gbogbo èyí. GitHub nìkan ló lè yọ ìyẹn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé àwọn kì í bá ènìyàn yọ ọ́ àfi bí pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ kò bá lè yanjú ewu náà. Ti Táíwò kò sí nínú ìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ṣeé ṣe kí ti kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń ti dátà pa wà nínú rẹ̀.

Táíwò_Kóòdù

Mo ti ṣe é, `git log` kò mú nǹkan kan jáde. Àmọ́ ẹnìkejì mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ẹ̀ka tirẹ̀ sókè ní ọ̀sán yìí, gbogbo ìtàn àtijọ́ sì tún bá a padà, pẹ̀lú `.env`.

Ìyá_Sáfà

Ẹ̀dà tí ó ti ní lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pa ẹ̀ka yẹn rẹ́ lórí GitHub, kí òun da iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lákọ̀tun, kí ó fi `git cherry-pick` kó kọ́míìtì tirẹ̀ nìkan wá sórí èyí tuntun, kí ó sì pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́. Má jẹ́ kó ṣe `git pull` sínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí àdàpọ̀ méjèèjì ni yóò tún tì sókè. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Ó lè ṣe é ní ọ̀la lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilé-ìwé dé.